Ta ni “wọ́n” tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé wa? Lẹ́tà ṣíṣí sí akọ̀wé tuntun ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa

Ìjẹ̀bú-Òde,
Oṣù Kìíní, 2026.

Akọ̀wé wa ọ̀wọ́n,

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrin oṣù yìí, nígbà tí mo ń kó ìwé ẹgbẹ́ lé yín lọ́wọ́ níwájú gbogbo ìpàdé, mo sọ gbólóhùn kan tí àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ sí. Mo ní, “Gbogbo ohun tí àdúgbò yìí ti pinnu láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ló wà nínú ìwé mẹ́ta yìí.” Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń jẹ mí lọ́kàn, nítorí pé kì í ṣe òótọ́. Ohun tí a sọ ló wà nínú ìwé mẹ́ta náà. Ohun tí a pinnu, ẹni tí a gbé e lé lọ́wọ́ àti ọjọ́ tí ó yẹ kí ó parí rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹ kò ní rí níbẹ̀, èmi tí mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ kò lè rí wọn mọ́.

Àbúrò ni ẹ jẹ́ sí mi nílé, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ipò akọ̀wé ni mo ń kọ̀wé sí, ìdí nìyí tí mo fi ń pè yín ní ẹ̀yin. Mo kọ ọ́ ní gbangba nítorí pé alága, akápò àti gbogbo àwa tí a máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìpàdé ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Mo sì ti ka àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ àdúgbò bíi méjì mìíràn nínú ìlú yìí, mo rí i pé àìsàn kan náà ló ń ṣe gbogbo wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ìwé kejì sí ìpàdé ọjọ́ kejì Oṣù Kejì, ọdún 2025. Bí mo ṣe kọ ọ́ sí abẹ́ ọ̀rọ̀ karùn-ún nìyí:

“Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí ojú àgbàrá tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò. Wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n ṣe afárá síbẹ̀. Kí onílé kọ̀ọ̀kan san ₦20,000. Kí ìgbìmọ̀ iṣẹ́ bójú tó o kí ó tó di Ojúde Ọba.”

Gbólóhùn mẹ́rin péré ni, ó sì dùn ún kà. Nígbà tí mo kà á ní ìpàdé Oṣù Kẹta, ẹnìkan dá a lábàá pé kí a gbà á wọlé, ẹlòmíràn tì í lẹ́yìn, alága fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i, kò sì sí ẹni tí ó ṣàtúnṣe kankan sí i. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ènìyàn márùn-ún ló wà nínú ìgbìmọ̀ iṣẹ́, mi ò sì lè sọ pé ọ̀lẹ kan wà nínú wọn. Ọ̀kan lọ bá oníríìngì kan ní ojú ọ̀nà Ìbàdàn, ó bá a ná ríìngì kọnkéré ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́ta tí omi yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá lábẹ́ afárá, ó sì fi owó díẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kejì, tí kò mọ̀ pé èkínní ti lọ, fi owó ara rẹ̀ ra ríìngì mẹ́fà níbòmíràn, ó sì já a sẹ́bàá ògiri ilé aláwọ̀ ewé. Ẹlẹ́sẹ̀ bàtà méjì ni tirẹ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù ń dúró kí ẹnìkan pe ìpàdé ìgbìmọ̀, nítorí pé a kò sọ ẹni tí yóò pè é.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà lè rò pé ìyàtọ̀ ẹsẹ̀ bàtà kan kò tó nǹkan. Ẹnu ríìngì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà méjì kò tó ìdajì ẹnu ti ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́ta, nítorí pé bí ẹnu ṣe fẹ̀ sí ní ìbú náà ló ṣe ń ga sí lóòró. Bí ọ̀rá omi mímọ́ àti ẹ̀ka igi bá sì tún há sí i lẹ́nu, ó ti di ìdènà nìyẹn. Nígbà tí bíríkìlà wá wò ó, ó mi orí, ó ní òun kò ní fi ríìngì yìí gba omi tí ó ń bọ̀ láti òkè ilé ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ríìngì mẹ́fà dùbúlẹ̀ sẹ́bàá ògiri, àwọn ọmọdé ń jókòó sínú wọn jẹ máńgòrò, títí òjò Oṣù Karùn-ún fi gé ẹnu ọ̀nà náà ní òru ọjọ́ kan. Ní òwúrọ̀, táyà iwájú kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ti rì sínú kòtò náà dé ìdajì.

Bí Ojúde Ọba ṣe wá bá wa nìyẹn. Àwọn àlejò wa fi mọ́tò sí títì, wọ́n sì bọ́ bàtà sọ́wọ́ kọjá nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn. Mo rí ìyá kan tí ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, tí ó sì ń wo ríìngì mẹ́fà yẹn bí ẹni ń wo ohun ẹ̀sín. Èmi ni mo kọ gbólóhùn mẹ́rin yẹn, mi ò sì lè wojú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí “wọ́n.” Èdè wa fún wa ní ọ̀rọ̀ yìí láti fi sọ̀rọ̀ nígbà tí a kò mọ ẹni tí ó ṣe nǹkan, tàbí tí a mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n tí a kò fẹ́ dárúkọ rẹ̀. A ní wọ́n bí i ní Ìjẹ̀bú, wọ́n jí ewúrẹ́ lọ, wọ́n ní kí á má sọ. Nínú ilé, ọgbọ́n àti ìwà ọmọlúàbí ni. Nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, ibi ìsápamọ́ ni. “Wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n ṣe afárá”: “wọ́n” àkọ́kọ́ ni gbogbo ìpàdé, ṣùgbọ́n ta ni “wọ́n” kejì? Nígbà tí mo ń kọ ọ́, mo rò pé gbogbo ènìyàn mọ̀. Olúkúlùkù sì mọ̀ lóòótọ́, ó mọ̀ pé ẹlòmíràn ni. Bákan náà ni “a ó” àti “ìgbìmọ̀ yóò.” Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ kì í mú rìsíìtì wá. Ènìyàn kan ni ó ń mú un wá. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti ènìyàn márùn-ún, ẹ kọ orúkọ ẹni kan tí a ó bi léèrè, kí òun wá àwọn mẹ́rin yòókù fúnra rẹ̀.

Orúkọ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ. Ní ìwé kìíní, ẹ ó rí ibi tí mo kọ ọ́ sí pé Bàbá Ìbejì yóò bá àwọn ọdẹ sọ̀rọ̀. Bàbá Ìbejì méjì ló wà ní àdúgbò yìí ní ọdún náà, àwọn méjèèjì sì búra ní ìpàdé tó tẹ̀lé e pé àwọn kọ́. Ìnagijẹ dára fún ìkíni. Nínú ìwé, ẹ kọ orúkọ àti orúkọ ìdílé, kí ẹ sì fi nọ́ḿbà ilé tẹ̀ lé e.

Ohun kan tún wà tí ó burú ju ìnagijẹ lọ, òun náà ni kí a yan ẹni tí kò wá sí ìpàdé. Àwa Ìjẹ̀bú fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, bí ẹni pé ìjìyà àìwá ni. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò gbà, kò sì mọ̀. Ìpàdé méjì lè kọjá kí ó tó gbọ́ pé iṣẹ́ kan wà lọ́rùn òun. Bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni ó lè ṣe é, iṣẹ́ tí ẹ ó kọ sílẹ̀ ni pé lágbájá tí ó wà ní ìjókòó yóò lọ bá a sọ ọ́ ní ọjọ́ báyìí, yóò sì mú èsì rẹ̀ wá.

Ní ti ọjọ́, mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni yóò pa ẹlòmíràn, nítorí pé kò sí ẹni tí kò mọ Ojúde Ọba ní ìlú yìí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta Ìleyá ni Ojúde Ọba, oṣù ojú ọ̀run sì ni Ìleyá ń tẹ̀ lé, tí ó fi ń fi bí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá tètè dé ju ti èṣí lọ lọ́dọọdún. Ní 2024, ọjọ́ kejìdínlógún Oṣù Kẹfà ni ó bọ́ sí. Ní 2025, ọjọ́ kẹjọ oṣù kan náà ni. Ẹni tí ó ra ríìngì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà méjì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé àwọn ṣì ní ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀ láti fi pààrọ̀ rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ tọdún tó kọjá ló wà lórí òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni “kí òjò tó dé.” Òjò wo? Òjò tí ó rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní Oṣù Kẹta tí ó pa eruku, àbí èyí tí ó ń gé ọ̀nà?

Kódà iye ọjọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣeé gbára lé. Àwọn àgbà wa máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n wà mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ní òní ọjọ́ mẹ́jọ ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀ ni wọ́n ń sọ. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìkà láti ọ̀la yóò dé ọjọ́ Ajé. Mo ti rí ibi tí akápò ti kúrò ní ilé báńkì kí ẹni tí ó ń dúró dè tó dé, nítorí ìyàtọ̀ ọjọ́ kan yìí. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ ọjọ́, iye ọjọ́ inú oṣù, oṣù àti ọdún. Bí ìpàdé bá takú pé Ojúde Ọba ni àwọn fẹ́, ẹ kọ Ojúde Ọba, kí ẹ sì fi ọjọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀ dáadáa sí i gẹ́gẹ́ bí gbèdéke.

Èyí tí ó tún kù nínú gbólóhùn mẹ́rin yẹn ni “onílé kọ̀ọ̀kan.” Àwọn mẹ́rin ló jọ jogún ilé ẹbí tí ó wà ní igun. Ṣé ₦20,000 kan ni tàbí mẹ́rin? Alàgbà tí ó ní ilé méjì ńkọ́? Olúkúlùkù túmọ̀ rẹ̀ bí ó ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn, akápò kò sì rí ohun tí yóò tọ́ka sí. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí èyí, nítorí pé ìjà rẹ̀ kò tíì tán ní àwọn ilé kan.

Bí mo bá ní àǹfààní láti tún ọ̀rọ̀ karùn-ún yẹn kọ, bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

“Ìpinnu 2025/5. Ìpàdé pinnu láti ṣe afárá sí ẹnu ọ̀nà àdúgbò pẹ̀lú ríìngì kọnkéré mẹ́fà, tí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta.

5a. Ilé kọ̀ọ̀kan, iye yòówù kí onílé inú rẹ̀ jẹ́, yóò san ₦20,000 sí àpò ẹgbẹ́ ní báńkì. Ilé 43 ni, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦860,000. Ẹni tí a ó bi: akápò. Gbèdéke: Àìkú, 2 Oṣù Kẹta 2025.

5b. Alága ìgbìmọ̀ iṣẹ́ (orúkọ rẹ̀ àti nọ́ḿbà ilé rẹ̀) yóò gba ìwé iye owó lọ́wọ́ oníríìngì méjì àti bíríkìlà kan, yóò sì kó o fún akọ̀wé. Gbèdéke: Sátidé, 22 Oṣù Kejì 2025. Kò sí ẹni tí yóò san owó sílẹ̀ fún oníríìngì kankan kí ìpàdé tó yan ọ̀kan.

5d. Bí owó tí ó wọlé ní 2 Oṣù Kẹta kò bá tó ra ríìngì, akápò yóò sọ iye tí ó kù ní ìpàdé ọjọ́ náà. Bí ó bá tó, alága ìgbìmọ̀ iṣẹ́ yóò ra ríìngì, yóò sì mú rìsíìtì wá. Gbèdéke iṣẹ́: Sátidé, 29 Oṣù Kẹta 2025. Ìjábọ̀: ìpàdé 6 Oṣù Kẹrin.”

Ó gùn ju tàkọ́kọ́ lọ, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ẹni tí ó ra ẹlẹ́sẹ̀ bàtà méjì ì bá ti rí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta níbẹ̀. Ẹni tí ó fi owó sílẹ̀ ì bá ti rí i pé kò tọ́. Mo sì fẹ́ kí ẹ kíyè sí 5d, nítorí pé ó gbára lé 5a. Gbèdéke tí ó ń dúró de gbèdéke mìíràn kì í bá ẹni tí ó wà lẹ́yìn sọ̀rọ̀ àfi bí a bá kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ti iwájú bá yẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àdúgbò ti ń kú. Iṣẹ́ kò bẹ̀rẹ̀ nítorí pé owó kò pé, ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì sọ pé kò pé, nítorí pé kò sí ibi tí a ti ní kí ó sọ ọ́.

Báwo ni ẹ ó ṣe rí gbogbo èyí kọ nígbà tí ènìyàn mẹ́fà ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Mo gbìyànjú rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta tí mo fi parí sáà mi, ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo rí tí ó ṣiṣẹ́. Kí alága tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ kan, ẹ na ọwọ́ sókè, kí ẹ ní, “Alága, ẹ jẹ́ kí n ka ohun tí mo kọ.” Ẹ ka ìpinnu náà, ẹ ka orúkọ, ẹ ka ọjọ́, kí ẹ sì wo ojú ẹni tí ẹ dárúkọ títí yóò fi sọ pé òun gbà. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín pé ṣé ilé ẹjọ́ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ẹni tí mo dárúkọ ní, “Rárá o, mi ò ní sí nílé lọ́jọ́ yẹn, ẹ fi í sí ọ̀sẹ̀ kejì.” Ìṣẹ́jú kan ni ó gbà. Bí ọ̀rọ̀ bá parí láìsí orúkọ àti ọjọ́, ẹ má fi ipá sọ ọ́ di ìpinnu. Ẹ kọ ọ́ pé a jíròrò rẹ̀, a kò sì pinnu. Òótọ́ ni, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tí ó ṣẹ́yọ nínú àkọsílẹ̀, èyí tí mo sọ di àkókò ìtàkúrọ̀sọ fún ọdún mẹ́ta gbáko. “Iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́” ni mo ń kọ ní oṣooṣù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa gbólóhùn yẹn tì. Ẹ pe ìpinnu ní nọ́ḿbà rẹ̀, kí ẹni tí ó ni ín dáhùn pé ó ti parí tàbí pé kò tíì parí. Bí kò bá tíì parí, ẹ kọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan àti ọjọ́ tuntun, ṣùgbọ́n ẹ má pa ọjọ́ àtijọ́ rẹ́. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìpinnu tí ó ti ní ọjọ́ mẹ́ta ti sọ ohun kan fún alága tí ẹnu akọ̀wé kò ní láti sọ: bóyá iṣẹ́ náà pọ̀ ju ẹni náà lọ, bóyá owó ni kò sí, bóyá àdúgbò kò fẹ́ ẹ mọ́. Nọ́ḿbà náà kò gbọ́dọ̀ yí padà títí yóò fi parí tàbí títí ìpàdé yóò fi wọ́gi lé e. Èmi máa ń fún wọn ní nọ́ḿbà tuntun lóṣooṣù, nítorí bẹ́ẹ̀ ni afárá fi jẹ́ ọ̀rọ̀ karùn-ún ní Oṣù Kejì, ọ̀rọ̀ kejì ní Oṣù Kẹta, tí a kò sì rí i rárá ní Oṣù Kẹrin.

Bí ẹnìkan bá sì ní ohun tí ẹ kọ kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fi funfun pa á, ẹ má sì ya ojú ewé. Ẹ kọ àtúnṣe náà sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé tí a ti ṣe àtúnṣe rẹ̀. Ojú ewé méjì ni mo ya ní 2023 láti fi tẹ́ ẹnìkan lọ́rùn, títí di òní ni àwọn kan sì fi gbà gbọ́ pé owó ló wà níbẹ̀. Èébú tí wọ́n bú ara wọn ló wà ní ojú ewé náà. Èyí gan-an kò yẹ kí n kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mi ò sọ pé orúkọ àti ọjọ́ yóò fi agbára mú ẹnikẹ́ni. Àkọsílẹ̀ kì í ṣe ọlọ́pàá. Ẹni tí kò fẹ́ san owó kò ní san, ẹni tí ó bá sì ti gba iṣẹ́ nítorí ojú ayé yóò ṣì já yín kulẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Oṣù Kẹrin ni ẹ ó ti mọ̀ pé ó já yín kulẹ̀, kò ní jẹ́ ní òwúrọ̀ tí kẹ̀kẹ́ rì.

Ọ̀kan kù tí ó kàn mí. Orúkọ mi ṣì wà lára àwọn mẹ́ta tí ń fọwọ́ sí owó ẹgbẹ́ ní báńkì, báńkì sì ti ní àwọn fẹ́ ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìpàdé tí a ti yàn yín, pẹ̀lú ìbuwọ́lù alága àti ti akọ̀wé, kí wọ́n tó lè fi orúkọ yín rọ́pò tèmi. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù yìí, alága sọ pé “kí wọ́n tètè bójú tó o.” Bí ẹ bá ń kọ àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi alága bóyá ó gbà kí ẹ fi èyí rọ́pò rẹ̀: akọ̀wé àná yóò gba ẹ̀dà tí a ti fọwọ́ sí lọ́wọ́ akọ̀wé tuntun ní ìparí ìpàdé Àìkú, 1 Oṣù Kejì 2026, yóò mú un lọ sí báńkì, gbèdéke rẹ̀ ni Jímọ̀, 6 Oṣù Kejì 2026, yóò sì jábọ̀ ní ìpàdé Àìkú, 1 Oṣù Kẹta. Bí àkọsílẹ̀ náà kò bá tíì gba ìbuwọ́lù ní ọjọ́ kìíní yẹn, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún mi kí n tó kúrò ní gbọ̀ngàn. Mo ti gbà á. Ẹ kọ orúkọ mi sí i, kì í ṣe ìnagijẹ.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Akọ̀wé àná.